Ìyàtọ̀ láàárín ìránnilétí, kúẹ́rì ọ́dítọ̀ àti ìkìlọ̀ ìkẹyìn nínú lẹ́tà owó orí

Oríṣi lẹ́tà mẹ́ta ni ọ́fíìsì owó orí sábà máa ń kọ sí ẹni tí ọ̀rọ̀ owó orí rẹ̀ kò tíì yanjú: ìránnilétí, kúẹ́rì ọ́dítọ̀ àti ìkìlọ̀ ìkẹyìn. Ìrísí wọn lè jọra gan-an, gbogbo wọn ló sì máa ń dá ọjọ́ tí èsì tàbí owó gbọ́dọ̀ dé. Ibi tí gbèsè náà dé lábẹ́ òfin lọ́jọ́ tí wọ́n kọ lẹ́tà ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú ìránnilétí, ojúṣe kan ti wà nílẹ̀ tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Nínú kúẹ́rì, ìbéèrè ló wà, gbèsè kò tíì sí. Nínú ìkìlọ̀ ìkẹyìn, iye gbèsè ti fìdí múlẹ̀, ọ́fíìsì sì ti múra láti fi agbára òfin gbà á.

Tàdáwà pupa àti ọ̀rọ̀ líle kì í ṣe àmì tó ṣe é gbára lé. Kúẹ́rì, tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tútù, ló lè náni lówó jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí a bá ṣì í mú. Ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ wá ni ohun tí lẹ́tà ní kí a ṣe: ṣé kí a san ni, àbí kí a ṣàlàyé? Lẹ́yìn èyí, kí a wo ohun tó sọ pé yóò ṣẹlẹ̀ bí ọjọ́ bá kọjá.

Ìránnilétí

Kọ̀ǹpútà ló sábà máa ń tẹ ìránnilétí jáde, nítorí náà ó lè má ní orúkọ òṣìṣẹ́ kankan. Ó máa ń kúrú, á dárúkọ irú owó orí àti ọdún tó jẹ mọ́, á sì tọ́ka sí ìwé tó ti wà tẹ́lẹ̀. Gbólóhùn tó sábà máa ń tú u fó ni irú èyí: “Bí ẹ bá ti san owó yìí, ẹ má ka lẹ́tà yìí sí.” Àwọn kan kò tilẹ̀ mẹ́nu kan owó, fọ́ọ̀mù ìkéde owó orí tí kò tíì dé ni wọ́n ń béèrè.

Bí owó bá ti wọlé kí ìránnilétí tó dé, ó lè jẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ sí ọdún mìíràn tàbí sí irú owó orí mìíràn. Rìsíìtì tí nọ́ńbà rẹ̀ hàn ketekete ni èsì irú rẹ̀. Kíkọ àtakò sí ìránnilétí kì í sábà wúlò, torí ọjọ́ ìwé tó fìdí iye owó orí múlẹ̀ ni wọ́n ti ń ka àkókò àtakò, kì í ṣe ọjọ́ ìránnilétí.

Kúẹ́rì ọ́dítọ̀

Èyí ní orúkọ òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà, nọ́ńbà fáìlì, sáà tí wọ́n ń yẹ̀ wò àti àwọn ìwé tí wọ́n fẹ́ rí. Ohun tó ń dani lójú rú ni pé ó lè ní iye owó nínú. Ọ́dítọ̀ a máa ṣírò owó tí yóò jẹ́ gbèsè bí àlàyé kò bá sí, á sì kọ ọ́ sábẹ́ àkọlé bíi “owó orí tí a dábàá”. Àbá ni, ó ṣì lè yí padà.

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ kan. Ilé iṣẹ́ kan kéde pé ọjà tí òun tà lọ́dún kan jẹ́ 8,000,000. Lẹ́tà dé pé owó tó wọ akáǹtì báńkì rẹ̀ lọ́dún náà jẹ́ 11,000,000, kí ó ṣàlàyé ìyàtọ̀ 3,000,000 láàárín ọjọ́ 30. Tábìlì tó tẹ̀ lé lẹ́tà gbé 750,000 kalẹ̀, ìyẹn ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ náà. Bí ọ̀gá ilé iṣẹ́ bá rí 750,000 tó sì sáré san án, ó ti gbà láìjiyàn pé ọjà tí òun fi pamọ́ ni gbogbo 3,000,000 yẹn. Bí ó bá sì kà á sí ìránnilétí lásán tó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ibi kan náà ni yóò já sí.

Nígbà tí akọ̀wé owó ilé iṣẹ́ náà gbé sítétímẹ́ǹtì báńkì kalẹ̀, ó rí i pé 1,800,000 jẹ́ owó tí wọ́n yá ní báńkì. 700,000 kúrò nínú akáǹtì wọn kan bọ́ sí ìkejì, ọ́dítọ̀ sì kà á mọ́ owó tó wọlé. 100,000 ni owó tí oníbàárà tó ń kó ọjà fún wọn dá padà. Àròpọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 2,600,000. Ó ku 400,000, ọjà gidi sì nìyẹn, tí wọ́n gbàgbé láti kọ sílẹ̀. Owó orí rẹ̀ ní ìdá kan náà jẹ́ 100,000, láì tíì ka ìtanràn.

Ẹ̀rí ló ń gbé àlàyé bẹ́ẹ̀ ró. Wọ́n ní láti fi ìwé àdéhùn owó yíyá ránṣẹ́, pẹ̀lú sítétímẹ́ǹtì akáǹtì méjèèjì tó fi hàn pé iye kan náà jáde níhìn-ín ó sì wọlé lọ́hùn-ún, àti ìwé tí oníbàárà fi dá owó padà. Ó dára kí wọ́n fẹnu ara wọn jẹ́wọ́ 400,000 náà, nítorí ọ́dítọ̀ tó bá fúnra rẹ̀ hú u jáde lè má gba ìyókù àlàyé gbọ́ mọ́.

Bí èsì kò bá dé, òṣìṣẹ́ lè fi ìwọ̀n ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bu owó orí lé wọn. 750,000 tó jẹ́ àbá á wá di ìwé owó orí gidi, àkókò àtakò á sì bẹ̀rẹ̀. Bí èyí náà bá kọjá láìsí àtakò, iye náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ìkìlọ̀ ìkẹyìn

Ìkìlọ̀ ìkẹyìn kì í béèrè àlàyé. Ó máa ń to owó orí, ìtanràn àti èlé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ka èlé dé. Ó ń tọ́ka sí ìwé owó orí tó bí gbèsè náà, á sì dárúkọ ohun tí ọ́fíìsì fẹ́ ṣe: kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá, kí wọ́n gba owó lọ́wọ́ báńkì, tàbí kí wọ́n lọ sílé ẹjọ́.

Ó lè ní ẹ̀tọ́ kan ṣoṣo tó kù nínú. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí lẹ́tà owó orí ti máa ń ní nọ́ńbà lára, CP2000 jẹ́ àbá tó ń fẹ́ èsì, ṣùgbọ́n LT11 jẹ́ ìkìlọ̀ pé wọ́n fẹ́ gbẹ́sẹ̀ lé ohun ìní, ó sì fúnni ní ọjọ́ 30 láti béèrè pé kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ ẹni.

Ohun tó ṣe é ṣe ni kí a san, kí a kọ̀wé béèrè sísan díẹ̀díẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, tàbí kí a fi hàn pé gbèsè náà kò tíì tó í gbà. Ìkẹta yìí wọ́pọ̀ ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Ẹ̀ka tó ń gba gbèsè lè má mọ̀ pé àtakò ṣì wà lórí tábìlì ẹ̀ka ọ́dítọ̀. Ẹ̀ka méjèèjì ni kí a kọ̀wé sí nígbà náà, kí a sì so ẹ̀dà àtakò tí wọ́n ti buwọ́ lù pé àwọn gbà mọ́ ọn. Bí ìwé owó orí tí lẹ́tà ń tọ́ka sí kò bá tilẹ̀ dé rí, kí a béèrè ẹ̀dà rẹ̀ àti ẹ̀rí pé wọ́n fi ránṣẹ́.

Àwọn gbájúẹ̀ fẹ́ràn láti farawé lẹ́tà yìí, nítorí ìbẹ̀rù tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà tòótọ́ ní ìtàn tó ṣe é tọpa: ìwé owó orí, nọ́ńbà àti ọjọ́ rẹ̀, tí a lè bá nínú fáìlì tiwa. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú rẹ̀, nọ́ńbà fóònù tí ọ́fíìsì ti gbé jáde tẹ́lẹ̀ ni kí a pè, kí a má pe èyí tó wà lórí lẹ́tà náà.