Bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń to ẹ̀rí jọ nípa olùkọ́ tó ń fi máàkì halẹ̀

Ní yunifásítì, ẹni tó kọ́ kọ́ọ̀sì náà ló sábà máa ń ṣe ìbéèrè ìdánwò, òun náà ló ń máàkì ìwé, òun ló sì ń kọ èsì sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ ẹ̀ka, ìgbìmọ̀ fákọ́tì àti Sẹ́néètì yóò fọwọ́ sí èsì yẹn, ṣùgbọ́n máàkì ni wọ́n ń wò, wọn kì í sábà tún ìwé kà. Ibẹ̀ ni agbára olùkọ́ wà. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn tí èsì jáde ni akẹ́kọ̀ọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu sọ̀rọ̀, wọ́n á ní torí pé ó fìdí rẹmi ló ṣe ń bínú. Ẹ̀rí ti gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ ṣáájú.

Ká ní ọmọbìnrin kan wà ní ọdún kẹta, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè ló ń gbé. Olùkọ́ fi Wásáàpù ránṣẹ́ sí i lálẹ́ pé kó wá bá òun ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde bó bá fẹ́ yege nínú kọ́ọ̀sì òun. Kó ya àwòrán ojú fóònù, kí nọ́ńbà, ọjọ́ àti aago hàn, kó má gé etí rẹ̀. Kó tẹ `Export chat`, kó fi í ránṣẹ́ sí íméèlì ara rẹ̀. Kó má pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, kó má sì ta fóònù yẹn: abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 ń béèrè ìwé tó jẹ́rìí sí ẹ̀rọ tí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ti jáde.

Ọ̀rọ̀ tó bá fi dá olùkọ́ náà lóhùn ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Wọ́n ti tọ́ wa pé "ó dáa, sà" là ń dá àgbà lóhùn, àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ sì lè kà á sí pé ó gbà. "Ẹ má bínú, sà, mi ò lè wá. Ọ́fíìsì ni mo lè ti rí yín" kò fi àyè kankan sílẹ̀ fún iyàn. Kó má bá a ná ọjà máàkì rárá. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún sílẹ̀.

Lẹ́tà á lọ sọ́dọ̀ olórí ẹ̀ka. Bí òun àti olùkọ́ náà bá jọ ń ṣe wọléwọ̀de, kó kọ ọ́ sí Díìnì. Ẹ̀dà méjì ni kó tẹ̀, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbà á sórí ọ̀kan, kó mú un dání lọ. Láìsí òǹtẹ̀ yẹn, lẹ́tà lè sọnù sínú dúrọ́ọ̀.

Bí ilé ìwé bá dákẹ́, àjọ ICPC tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́ wà. Ní 2018, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Òṣogbo rán ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti Ilé-Ifẹ̀ lẹ́wọ̀n ọdún méjì lórí irú ẹ̀sùn yìí tí ICPC fi kàn án. Ohùn orí fóònù ló kọ́kọ́ tú àṣírí rẹ̀. Abala 64 òfin àjọ náà dáàbò bo orúkọ ẹni tó mú ẹ̀sùn wá. Àmọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ni abala 19, tó sọ̀rọ̀ nípa àṣìlò ipò, ń bá wí. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì aládàáni ní Rẹ́mọ lè ní láti gba ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ilé ìwé rẹ̀ àti ọlọ́pàá lọ.