Kí ló yẹ kó wà nínú ìwé ìfiṣẹ́lénilọ́wọ́ lórí ìròyìn oṣooṣù?

Ìwé ìfiṣẹ́lénilọ́wọ́, tí àwọn ará ọ́fíìsì ń pè ní hándófà nóòtì, ni ìwé tí ẹni tó ń kúrò nídìí iṣẹ́ kan máa ń kọ sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ níbẹ̀. Èyí tí mo bá nílẹ̀ nígbà tí mo gba iṣẹ́ ìṣirò owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Kábà kò ju ìlà kan lọ: «Tẹ Refresh All, yẹ̀ ẹ́ wò, fi ránṣẹ́ sí akápò.» Mo ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, síbẹ̀ owó tó wà nínú ìròyìn tí mo fi ránṣẹ́ kò pé. Yẹ̀ ẹ́ wò, àbí? Kí ni kí n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ó tọ́? Ìwé náà kò sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí bọ́tìnnì yẹn ń ṣe. Nínú fáìlì Ẹ́ksẹ́lì wa, ojú-ewé kan wà tó ń jẹ́ `Owo_Wole`, níbi tí a ti ń kọ owó tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan san: ọjọ́, ẹ̀ka, orúkọ, iye. Ojú-ewé kejì, `Iroyin`, ni PivotTable tó ń ro wọ́n pọ̀ fún oṣù kọ̀ọ̀kan wà. PivotTable kì í wo `Owo_Wole` nígbà gbogbo. Ńṣe ló ya fọ́tò rẹ̀ pa mọ́, bí fọ́tò ìgbéyàwó: ẹni tó dé lẹ́yìn tí wọ́n yà á tán kò lè sí nínú rẹ̀. Refresh All, tàbí Ctrl+Alt+F5, ni ẹ fi ń sọ fún un pé kó tún un yà.

Ṣùgbọ́n fọ́tò ní etí. Ẹni tó ṣe fáìlì náà sọ fún PivotTable pé kó wo ìlà 1 dé ìlà 600, kò sì sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Oṣù kìíní mú ìlà 180 wá, oṣù kejì 190. Oṣù kẹta bọ́ sí àsìkò kajú, owó wà lọ́wọ́ àgbẹ̀, ìlà 241 ló wọlé. Àpapọ̀ jẹ́ 611. Tí ẹ bá fi ìlà àkọlé kún un, 612. Méjìlá ṣubú sẹ́yìn etí fọ́tò, Ẹ́ksẹ́lì kò sì ké.

Ohun tí mo wá kọ sínú ìwé tèmi nìyí. Lákọ̀ọ́kọ́, ka orúkọ. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan máa ń fi ìwé orúkọ ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù: Kábà 84, Mọ̀pà 57, Ìyàrá 39, Ìsánlú 61. Ìròyìn ní 49 fún Ìsánlú, tí a kọ kẹ́yìn. Ibi tí méjìlá yẹn wọ̀ sí hàn kedere. Mo sọ gbogbo `Owo_Wole` di tábìlì pẹ̀lú Ctrl+T, mo pe orúkọ rẹ̀ ní `Owo`, mo sì lọ sí Change Data Source láti fi `Owo` rọ́pò ìlà 1 dé 600. Láti ìgbà náà, ìlà tuntun tí a bá kọ sábẹ́ rẹ̀ ń wọ inú tábìlì fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, owó. Sítétímẹ́ǹtì báǹkì ní ₦1,205,000 ló wọlé. Ẹ má wo owó tó kù nínú àkáǹtì o, owó tó wọlé nìkan. Ìròyìn ti kúrò ní ₦1,142,000, ó ti di ₦1,193,000, orúkọ sì ti pé 241. Síbẹ̀ ₦12,000 kò sí. Kí ló dé tí orúkọ pé tí owó kò pé? Èyí ni mo tẹ̀ sínú àpótí òfìfo kan:

```
=COUNTA(Owo[Iye])-COUNT(Owo[Iye])
```

Apá kìíní ń ka gbogbo àpótí tí nǹkan wà nínú rẹ̀, apá kejì ń ka kìkì èyí tó jẹ́ nọ́ńbà. Ó yẹ kí èsì jẹ́ 0. 1 ló gbé jáde. Ẹnì kan ní Mọ̀pà ti tẹ «12,OOO», lẹ́tà O dípò òdo. PivotTable ka onítọ̀hún mọ́ àwọn tó san, ṣùgbọ́n kò rí kọ́bọ̀ rẹ̀. Ojú náà lè mú un: ọ̀rọ̀ máa ń fara ti apá òsì àpótí, nọ́ńbà sì máa ń fara ti apá ọ̀tún, àfi tí ẹnì kan bá ti tò wọ́n sáàárín. Mo tún un ṣe, mo tẹ Refresh All lẹ́ẹ̀kan sí i (èyí tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé), ó di ₦1,205,000.

Kì í ṣe gbogbo ìyàtọ̀ ni àṣìṣe ṣá. Owó tí ẹnì kan san ní alẹ́ ọjọ́ 31 lè hàn ní báǹkì ní ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n tí àṣìṣe bá jẹ́ ti nọ́ńbà méjì tó ṣípò pa dà, bíi 54,000 tó di 45,000, ìyàtọ̀ rẹ̀ á ṣeé pín sí mẹ́sàn-án láìṣẹ́kù. Àwọn akápò àgbà mọ ọgbọ́n yìí dáadáa. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí owó kò bá bá báǹkì mu, tí a kò sì lè dárúkọ ohun tó fà á, ìròyìn kò gbọdọ̀ jáde.

Fífi ránṣẹ́ kò le. PDF ni mo ń fi ránṣẹ́ sí akápò àti alága, pẹ̀lú oṣù àti ọdún nínú orúkọ fáìlì. Nígbà kan tí mo fi Ẹ́ksẹ́lì gan-an ránṣẹ́, ẹ̀ka kan tẹ nǹkan sínú rẹ̀, wọ́n sì dá a pa dà fún mi. Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi wá èyí tó jẹ́ ojúlówó nínú fáìlì méjèèjì.