Orí, ìpín àti iyọ̀ Àfùwàpé: bí fídíò ìṣẹ́jú 3 ṣe lè sọ ọ̀rọ̀ àyànmọ́ láì gbè sẹ́yìn apá kan

Ọ̀pọ̀ fídíò kúkúrú tó ń sọ̀rọ̀ nípa àyànmọ́ ní ìlànà Yorùbá ló máa ń parí sí gbólóhùn kan ṣoṣo: a ti yan ohun gbogbo lọ́run, ẹ̀dá kò lè yí i padà. Àwọn mìíràn a dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n á ní ẹni tó bá ṣáà ti ṣiṣẹ́ kára, kò sí ohun tí orí lè fi í ṣe. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni méjèèjì. Ìdajì kejì sábà máa ń sọnù nígbà tí a bá ń gé ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó lọ yan orí nílé Àjàlá. Inú Odù Ògúndá Méjì ni ìtàn náà wà. Òun nìkan tó láti gbé fídíò ìṣẹ́jú 3 ró, bí a bá mọ ibi tí kò ṣeé gé.

Kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, a lè fi nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú àáyá ṣàlàyé ibi tí orí ti wá. Ọbàtálá ló ń mọ ara ènìyàn, Olódùmarè ló ń fi ẹ̀mí sí i. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀dá yóò kọrí sí ilé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń fi amọ̀ mọ orí, láti lọ mú èyí tí yóò gbé wá sáyé. Inú orí yìí ni ìpín rẹ̀ wà, kì í ṣe orí òde tí à ń fá tí à ń dì. Ọ̀rúnmìlà wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀dá ń gba ìpín, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kì í ní Ẹlẹ́rìí Ìpín. Kí a má ṣe fi òrìṣà mìíràn kún un níbí. Ẹni tí kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí kò ní lè tọ́jú ju orúkọ mẹ́rin wọ̀nyí lọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta náà ni Oríṣèékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Àfùwàpé ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má yà síbikíbi lójú ọ̀nà. Àwọn méjì àkọ́kọ́ gbọ́ràn, wọ́n sì tètè dé ilé Àjàlá. Wọn kò bá a nílé. Wọ́n wo àwọn orí tó wà nílẹ̀, wọ́n gbé èyí tó wù wọ́n, láìmọ̀ pé Àjàlá kò tíì fi iná sun ti Oríṣèékú, pé ti Orílèémèrè sì ti fọ́. Bí wọ́n ti ń bọ̀ wá sáyé, òjò dé, ó pa orí náà, amọ̀ sì ń bó díẹ̀díẹ̀ kó tó di pé wọ́n dé.

Àfùwàpé ní tirẹ̀ yà sí ilé bàbá rẹ̀. Àwọn babaláwo dífá, wọ́n ní kó rú ẹbọ tí iyọ̀ àti owó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ní kó mú lára rẹ̀ dání lọ. Lójú ọ̀nà, ó bá bàbá arúgbó kan tó ń se ọbẹ̀, eérú ló ń bù sí i. Ó fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ náà, bàbá tọ́ ọ wò, ó rí i pé adùn dé. Arúgbó yìí ló wá tú àṣírí fún un pé onígbèsè ni Àjàlá, pé yóò bá olówó lẹ́nu ọ̀nà tó ń pariwo, nígbà tí Àjàlá fúnra rẹ̀ á ti sá sórí àjà, àti pé kó san gbèsè náà. Àfùwàpé san án. Àjàlá sọ̀kalẹ̀, ó mú un wọlé, ó ń fi ọ̀pá irin lu àwọn orí náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò dára fọ́. Èyí tó gba ọ̀pá tí kò fọ́ ni Àfùwàpé gbé. Òjò kan náà pa á, orí rẹ̀ kò sì ṣe nǹkan kan.

Ibi mẹ́ta ni kò gbọdọ̀ kúrò nínú èyí: iyọ̀, ọ̀pá irin, àti òjò. Bí a bá yọ iyọ̀ àti gbèsè kúrò, ìtàn orí ire àti orí burúkú lásán ló kù, olùwòran á sì gbà pé oríire Àfùwàpé kàn ṣèèṣì ni. Bí a bá yọ ọ̀pá irin kúrò, a ti pa á mọ́ pé ojú lásán kò lè mọ orí tó dára, ìmọ̀ràn ẹni tó mọ ọ̀nà ló ń mú un yé ni. Òjò tó pa gbogbo wọn ló sì fi hàn pé kì í ṣe ìyà ló yàtọ̀, ohun tó lè fara dà á ló yàtọ̀.

Apá tí àwọn ènìyàn máa ń gé jù ni ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n dáyé. Oríṣèékú àti Orílèémèrè ń ṣiṣẹ́, èrè kò dúró. Wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ Ifá, wọ́n sì sọ fún wọn pé orí wọn ti bó nínú òjò, ohun tí wọ́n bá rí níbi iṣẹ́ ń lọ sí títún orí náà ṣe. Kí a gbé ọ̀rọ̀ yìí sí fídíò kedere, nítorí pé apá méjèèjì ló gbè: orí burúkú ń jẹ èrè lóòótọ́, síbẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ń tún un mọ. Nígbà tí àwọn méjèèjì wá ń kọrin pé àwọn kò mọ ibi tí olórí gbé yan orí, àwọn ìbá lọ yan tàwọn, Àfùwàpé dá wọn lóhùn pé ibìkan náà ni wọ́n ti yan án, kádàrá ni kò papọ̀. Ìdáhùn yẹn làwọn fídíò máa ń gbé jáde láì fi èyí tó ṣáájú rẹ̀ kún un, ó sì ti ibẹ̀ di ẹ̀rí pé kò sí ohun tó lè yí padà.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ló yẹ kó tẹ̀lé e, láàárín nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú àáyá. Ẹsẹ Ifá mìíràn sọ bí gbogbo orí ṣe pé jọ láìpe ẹsẹ̀ sí ìmọ̀ràn, tí ọ̀rọ̀ wọn kò fi yọrí títí wọ́n fi ránṣẹ́ pè é. Ẹsẹ̀ yìí ni akitiyan ẹ̀dá, òun ló ń gbé orí dé ibi tó ń lọ.

Bí a ṣe ń pe ìpín náà tún ń tẹ̀ ẹ́ síbì kan. Àkúnlẹ̀yàn ní kí a rí ọwọ́ ẹni tó yàn, àkúnlẹ̀gbà ní kí a rí ọwọ́ ẹni tó fún un, àyànmọ́ ní kí a rí ohun tí a ti so mọ́ ọn. Fídíò tó bá ń pe àyànmọ́ nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ti gbè sẹ́yìn kan kó tó dé ìdajì. Ìbéèrè kan sì wà níbẹ̀ tó yẹ kí a jẹ́ kó dún: bí ẹni tó ń yan orí kò bá lè mọ èyí tí iná kò tíì jó, ṣé a lè dá a lẹ́bi fún èyí tó gbé? Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e lórí. Kí fídíò má ṣe díbọ́n pé wọ́n ti parí rẹ̀.

Tí a bá ń kọ ohun tí ẹni kan máa kà, kí ó má ju nǹkan bí 400 ọ̀rọ̀ lọ, kí ohùn lè sinmi níbi iyọ̀ àti níbi òjò. Kí àmì ohùn wà lórí àkọsílẹ̀ tó ń hàn nísàlẹ̀ àwòrán, nítorí orí láìlámì rọrùn láti kà sí òrí tí à ń fi pa ara. Kí a má fi àwòrán aláàárẹ̀ tàbí arọ ṣàpẹẹrẹ orí burúkú. Kò sí ohun tó jọ ọ́ nínú ìtàn náà, ó sì ń mú kí àwọn tó ń wò ó máa wá orí burúkú lójú aládùúgbò.

Kí a tó gbé e jáde, kí a fi han ẹni méjì tí wọn kò mọ̀ nípa Ifá, kí a bi wọ́n ní ohun tó gba Àfùwàpé là. Bí ẹnì kan bá dáhùn pé orí rere ni, tí kò dárúkọ iyọ̀ tàbí gbèsè, kí a padà sí ibi tí a ti gé e.