Àtúnhun ni kí ẹ pè é

Ó ti tó ìgbà mẹ́ta lọ́dún yìí tí mo rí ibi tí wọ́n ti kọ "àtúntò ojú-ilẹ̀" fún rìtọpọ́lọ́jì, ìyẹn iṣẹ́ fífi àwọ̀n tuntun bo ère kọ̀ǹpútà láìyí ìrísí rẹ̀ padà, níwájú àwọn ọmọ tó ń kọ́ bí a ṣe ń gbẹ́ ère nínú kọ̀ǹpútà. Inú ń bí mi sí i. Ojú-ilẹ̀ wo? Ẹni tó ń ya máàpù ló ń wọn òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀. Tọpọ́gíráfì nìyẹn, ọ̀rọ̀ méjèèjì kàn jọra létí ni. Ẹlòmíràn kọ "àtúnmọ", bí ẹni pé a fẹ́ fún ère náà ní ìrísí mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ìrísí gan-an ni a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn nínú iṣẹ́ yìí.

Àwọn tó kọ "àdínkù" ni ọ̀rọ̀ wọn fẹ́ jọ òótọ́. Ère tó ní ojú mílíọ̀nù mẹ́ta, ìyẹn àwọn abala pẹlẹbẹ kéékèèké tó para pọ̀ di ara rẹ̀, á di èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún mélòó kan, nítorí náà iye ń dín kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ adínkù wà lọ́tọ̀. Ibi tó bá ti tẹ́jú ló ti ń pa ojú rẹ́, onígun mẹ́ta wúruwùru ló sì ń fi sílẹ̀. Bí ère náà bá dúró jẹ́ẹ́, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ẹ ní kó rẹ́rìn-ín, kí ẹ wá wò ó.

Àtúnhun ni mo ń pè é, torí pé àwọ̀n tuntun ni à ń hun lé ère náà lórí. Ère wà bó ṣe wà, ìhun ló yàtọ̀. Ọwọ́ àwọn apẹja ni mo ti gba ìyókù ọ̀rọ̀ náà: àwọ̀n ní okùn, ó ní kókó níbi tí okùn ti pàdé, ó sì ní ojú láàárín okùn mẹ́rin. Nígbà tí èyí wà nílẹ̀, mi ò mọ ohun tí à ń fi ẹ́ẹ̀jì, fátẹ́ẹ̀sì àti fèésì ṣe. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé ojú àwọ̀n á dàrú mọ́ ojú ènìyàn, ẹ máa pe ojú àwọ̀n tán kí ẹ tó sinmi.

Ẹ́ẹ̀jì lúùpù, ìyẹn àwọn okùn tó tò tẹ̀léra lórí àwọ̀n, ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. "Ìlà àyípo" ni ọ̀pọ̀ ń kọ. Òrùka ni èmi ń kọ, mi ò sì ní yí i padà, nítorí pé òrùka gbọ́dọ̀ padà wá pàdé ara rẹ̀. Ìlà lè máa yípo bí ìkarahun ìgbín kó má pàdé ara rẹ̀ láéláé, àléébù yẹn gan-an ló sì ń ba ojú ère jẹ́.

Ẹ wo ṣòkòtò olókùn. Okùn náà yí ìbàdí po nínú ihò tí télọ̀ rán fún un. Bí ẹ bá fà á, aṣọ á ṣẹ́ jọ, ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan á sì kọjú sí àárín. Ká ní láti ìbàdí lọ sí orúnkún ni télọ̀ rán ihò yẹn, ẹ lè fà á títí ilẹ̀ á fi ṣú, ìbàdí kò ní fún. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò ni yóò máa ká sókè. Ẹran tó yí ẹnu po, tó ń jẹ́ ká lè súfèé, okùn ṣòkòtò ni. Èyí tó yí ẹyinjú po, tó ń jẹ́ ká lè dijú, okùn ṣòkòtò ni. Ibi tí ẹran bá ti yípo, kí òrùka àwọ̀n bá a yípo níbẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ náà nìyẹn.

Ère ìyá àgbà kan ló kọ́ mi ní ọgbọ́n yìí. Irinṣẹ́ tó ń dá hun àwọ̀n ni mo kọ́kọ́ lò, kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ojú onígun mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀, ó sì gún régé. Mo wá fa igun ẹnu ìyá náà sókè kó lè rẹ́rìn-ín músẹ́, ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá ṣẹ́ bí eyín ayùn. Nínú Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, bí ẹ bá di Alt mú tí ẹ sì tẹ okùn kan, gbogbo òrùka tí okùn náà wà lára rẹ̀ á tàn. Mo tẹ èyí tó wà ní igun ètè. Ó gba abẹ́ ètè, ó gun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó yí ẹ̀yìn etí, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn. Ìgbín ni, kì í ṣe òrùka. Bí mo bá fi Ctrl+R kún un níbẹ̀ kí ètè lè rọ̀ sí i, gbogbo orí ni ìlà tuntun náà yóò lọ́ kiri.

Mo pa á rẹ́, mo fi ọwọ́ hun ún. Mo fi Mirror sí i kí n lè hun ìdajì orí péré, mo sì fi Shrinkwrap sí i kí àwọ̀n lè máa lẹ̀ mọ́ ara ère. Ẹnu ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Kókó mẹ́fà lórí ètè òkè, mẹ́fà lórí ètè ìsàlẹ̀. Mo jẹ́ kí iye wọn dọ́gba, kí ti òkè lè bá ti ìsàlẹ̀ mu bí ẹnu bá pa dé. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń fi òrùka kún òrùka lọ síta, títí dé ìlà ẹ̀rín, ìyẹn èyí tó ti ẹ̀gbẹ́ imú gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu kọjá. Okùn mẹ́ta ni mo fi síbẹ̀: ọ̀kan ní ìsàlẹ̀ kòtò, ọ̀kan ní etí kòtò lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Bí wọn kò bá tó mẹ́ta, ìlà náà kò ní jinlẹ̀ bí ìyá bá rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ẹnu, mo hun òrùka ojú, kí n tó wá dí àárín.

Àárín yẹn ni wàhálà wà. Òrùka ẹnu àti òrùka ojú kò lè pàdé láìjẹ́ pé kókó kan ní okùn márùn-ún dípò mẹ́rin. Kò ṣeé sá fún, ṣùgbọ́n a lè yan ibi tó máa wà, torí pé ibi tí awọ bá ti ń ṣẹ́ po ni irú kókó bẹ́ẹ̀ ti máa ń yọ jáde bí eéwo. Orí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni mo gbé e sí, níbi tí awọ ti ń yọ́ lọ láìṣẹ́. Má gbé e sí igun ẹnu, má gbé e sórí ìlà ẹ̀rín.

Ìyá náà kọ pélé. Ọmọṣẹ́ kan bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí okùn tẹ̀lé pélé wọn ni?" Rárá o. Bí a bá rẹ́rìn-ín, pélé kì í fa ohunkóhun, ẹran abẹ́ rẹ̀ ló ń fà á. Àwòrán tí a fi ń bo àwọ̀n ni ìlà pélé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lọ, pẹ̀lú gbogbo wínníwínní ara ère.

Nígbà tí mo tún fa igun ẹnu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbéra lódindi, ìlà ẹ̀rín sì jinlẹ̀. Ìpéǹpéjú nìkan ló kù. Bí ó bá là, ó dára. Bí ó bá dì, ó dára. Bó bá dé ìdajì, ẹyinjú á yọ la ìpéǹpéjú kọjá. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi ìhun. Láàárín lílà àti dídì, ọ̀nà tààrà ni kókó kọ̀ọ̀kan ń gbà, bẹ́ẹ̀ ẹyinjú rí roboto. Mo ní láti gbẹ́ ìdajì ìdijú náà lọ́tọ̀ fún ìyá, kí ìpéǹpéjú tó lè gba orí ẹyinjú kọjá.