Ọjọ́ méjì kó ìdajì lọ, ọjọ́ mẹ́rin kò kó gbogbo rẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Láti Kàbbà dé Ẹ̀gbẹ̀, ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò oníwèé mẹ́wàá pé: oògùn tí ìdajì rẹ̀ ń kúrò lára láàárín wákàtí 48, ìgbà wo ni yóò tán? Kíá ni yóò dáhùn pé wákàtí 96. Àgbà tó ń lo oògùn náà gan-an kì í sọ ohun mìíràn.

Ìdajì ohun tó ṣẹ́kù ló ń lọ, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹ mú diasipáàmù, oògùn tó ń mú ara rọlẹ̀ kéèyàn lè sùn: mílígíráàmù 10 rẹ̀ tó ti wọ ẹ̀jẹ̀ tán yóò ku 5 lẹ́yìn ọjọ́ méjì, 2.5 lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Ibi tí wọ́n ti ń kọsẹ̀ ni k, nọ́ńbà tó ń sọ bí oògùn ṣe ń yára lọ. Wọ́n á pín 0.5 sí 48, wọ́n á rí 0.0104, inú wọn á dùn.

Ẹ dán an wò ná. Ohun tó kù ni iye ìbẹ̀rẹ̀ × e^(−k × wákàtí), e sì jẹ́ nǹkan bíi 2.718:

```
10 × e^(−0.0104 × 48) = 6.07
```

Ó yẹ kó jẹ́ 5. Ibo ni 1.07 ti wá? Ẹni tó pín 0.5 sí 48 ti gbà pé iye kan náà ló ń lọ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń san gbèsè díẹ̀díẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, yóò tán ní wákàtí 96. Àṣìṣe kan náà ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹ́kù ni oògùn fi ń díwọ̀n ìlọ rẹ̀: bó ṣe ń dín kù ni ohun tó ń lọ náà ń kéré sí i. Nítorí náà, k ní láti mú kí e^(−k × 48) jẹ́ 0.5 gan-an, 0.693 ló sì ń ṣe é, torí ln 2 nìyẹn:

```
k = 0.693 / 48 = 0.01444
10 × e^(−0.01444 × 24) = 7.07
```

Lẹ́yìn ọjọ́ kan, 7.07 ló kù, kì í ṣe 7.5 tí wọ́n máa ń kọ.

Ayódíìnì-131, èyí tó ń tú ìtànṣán jáde, ọjọ́ 8 ni ìdajì rẹ̀ fi ń lọ, kò sì sí ẹni tó lè yí i padà. Ti oògùn kò dúró bẹ́ẹ̀: 48 yẹn lè gùn sí i lára arúgbó tàbí ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ara sì tún ń sọ diasipáàmù di ohun mìíràn tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọtí ní tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa lọ ní iye kan náà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bóyá ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ yìí ti wá, n kò lè búra.

Ẹni tó ń gbé 10 mì lálaalẹ́ kó lè sùn ńkọ́? Ní alẹ́ kẹta, 10 tuntun, 7.07 ti àná àti 5 ti ìjẹta ló wà lára rẹ̀: ó lé ní 22. Ojú rẹ̀ lè dá lówùúrọ̀, kó gun ọ̀kadà sọ́nà Ọ̀bàjánà láàárín tírélà, kó ní oògùn ti tán lára òun.