Yíyan púríntà 3D àkọ́kọ́ pẹ̀lú owó kékeré ní Ìbàdàn

Púríntà 3D tí owó rẹ̀ kò ga púpọ̀ máa ń yọ́ okùn ike, á sì máa tò ó ní ìpele-ìpele lórí bẹ́ẹ̀dì títí ohun tí a fẹ́ yóò fi pé. Ẹni tó fẹ́ rà á fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn ní ohun mẹ́ta láti rò: bóyá kó ní àpótí ìbora, bí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ yóò ṣe fẹ̀ tó, àti ibi tí pààtì yóò ti wá bó bá bàjẹ́. Owó kékeré kì í sábà ká mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Irú ike tí a fẹ́ lò ló yẹ kó sọ èyí tí a ó fi sílẹ̀.

PLA ni ike tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń yọ́ dáadáa láàárín 190°C sí 220°C, ṣùgbọ́n tí ooru bá ti tó nǹkan bí 60°C ló ti ń rọ̀. Dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ tí wọ́n páàkì sínú oòrùn ọ̀sán lè gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ike PETG ń fara dà á dé nǹkan bí 80°C, ike ABS sì ń kọjá 100°C. ABS yìí gan-an ni àpótí wà fún: bó bá ń tutù, ńṣe ló ń súnkì, etí iṣẹ́ á gbé kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, tàbí kí iṣẹ́ náà sán láàárín ìpele méjì. Àpótí kì í jẹ́ kí ooru tètè sá.

Fún PLA, àpótí lè di wàhálà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí yàrá fúnra rẹ̀ ti gbóná tó 30°C, ooru bẹ́ẹ̀dì á ká mọ́ inú àpótí tí a tì pa. Okùn ike á rọ̀ kó tó dé nọ́sùlù, ẹnu kékeré tí ike yíyọ́ ń gbà jáde, jíà tó ń tì í á máa yọ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tó wà nítòsí á máa gbọ́ «ta, ta, ta», lẹ́yìn náà ike kò ní jáde mọ́. Ṣíṣí ilẹ̀kùn àti ìdérí rẹ̀ sábà máa ń tó. Àpótí nìkan kò sì sọ ẹ̀rọ di ti ABS. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú, ọ̀pá PTFE funfun tó ń darí okùn wọlé dé ìdí nọ́sùlù, kò sì yẹ kó máa kọjá 240°C, nítorí pé ó ń jóná díẹ̀díẹ̀, èéfín rẹ̀ kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Lórí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì, ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ ni 220 mm ní ìbú àti lóròó. Ká ní ẹnì kan ní Bódìjà fẹ́ ṣe ike pẹlẹbẹ kan fún ọkọ̀, tó gùn ní 260 mm, tó fẹ̀ ní 30 mm. Lójú lásán, kò lè gbà á. Bó bá dá a dábùú láti igun dé igun, àyè tó nílò á jẹ́:

```
(260 + 30) ÷ 1.414 = 205 mm
```

Ó wọlé, àyè ṣì kù. Ẹni tó torí irú iṣẹ́ yìí ra bẹ́ẹ̀dì 300 mm ti ra bẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀ tó ìlọ́po méjì dín díẹ̀, tí yóò sì jẹ iná tó bẹ́ẹ̀ kó tó gbóná. Ínfátà kékeré kì í fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí iná bá sì lọ láàárín iṣẹ́, ẹ̀rọ lè rántí ibi tó dé, ṣùgbọ́n bí bẹ́ẹ̀dì bá ti tutù, iṣẹ́ ti lè ṣí kúrò lórí rẹ̀.

Pààtì ló yẹ kó gba àkókò jù. Púríntà Ender 3, tó jáde ní 2018, ń lo nọ́sùlù, bẹ́líìtì àti sẹ́ńsọ̀ ooru tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń ṣe, tí wọ́n sì bá ẹ̀rọ mìíràn mu. Lára àwọn ẹ̀rọ tuntun, wọ́n ti so nọ́sùlù pọ̀ mọ́ ohun tó ń mú un gbóná. Ó rọrùn láti pààrọ̀, àmọ́ ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é ló sábà máa ń ti wá. Fáànù àti bóòtì ṣeé rí nígboro. Kí a ṣàyẹ̀wò fóólùtì fáànù ná: èyí tó jẹ́ 12V yóò jóná lórí ẹ̀rọ 24V. Ìyókù lè ní láti ti Èkó tàbí Ṣáínà wá, kí ẹ̀rọ máa jókòó dè é. Bí ojú ẹ̀rọ bá kọ `MINTEMP`, wáyà sẹ́ńsọ̀ ló sábà máa ń já tàbí tú. Pààtì kékeré ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ dúró nìyẹn.

Fún ará Bódìjà yẹn, ẹ̀rọ 220 mm tí kò ní àpótí, pẹ̀lú PETG, yóò ṣe ike ọkọ̀ tí oòrùn kò bá kàn lójú kòró. Owó tí kò ná sórí àpótí lè ra nọ́sùlù mẹ́ta, sẹ́ńsọ̀ méjì, ọ̀pá PTFE kan àti fáànù kan, kó tilẹ̀ tó gbé ẹ̀rọ náà délé.