Ọ̀rọ̀-ìṣe tó yapa náà ní ẹgbẹ́ tirẹ̀

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ èdè Sípáníìṣì gbà pé tí ọ̀rọ̀-ìṣe bá ti yapa kúrò nínú òfin, àkọ́sórí nìkan ló kù. Wọ́n á la àtẹ sílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti orí èmi títí dé orí àwọn, wọ́n á sì máa kà á bí ẹni ń ka ọfọ̀. Kí wọ́n tó dé ìkẹwàá, àkọ́kọ́ ti fò lọ.

Ibi tí èyí ti ń dààmú wọn jù ni ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tó sì ti parí. Ẹ wo *tener*, tó jẹ́ “ní”. Ìrísí rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rèé: *tuve, tuviste, tuvo, tuvimos, tuvisteis, tuvieron*. Ẹ gé e sí méjì: ìdí ọ̀rọ̀ ni *tuv-*, ìyókù sì ni àfòmọ́ ìparí: *-e, -iste, -o, -imos, -isteis, -ieron*. Àfòmọ́ yìí kì í ṣe ti *tener* nìkan. *Estar* ń lò ó pẹ̀lú *estuv-*, *poder* pẹ̀lú *pud-*, *poner* pẹ̀lú *pus-*, *saber* pẹ̀lú *sup-*. Fáwẹ̀lì *u* ló so wọ́n pọ̀. Àwọn mìíràn ń gba *i*: *querer* di *quis-*, *venir* di *vin-*, *hacer* di *hic-*. (*Hizo* tí ẹ máa ń rí kì í ṣe ìyapa tuntun, bí *c* bá ṣáájú *o*, *k* ni a máa gbọ́, ìyẹn ni wọ́n ṣe fi *z* sí i.)

Ẹgbẹ́ kẹta ń gba *j*: *decir* di *dij-*, *traer* di *traj-*, gbogbo èyí tó parí sí *-ducir* náà sì wà níbẹ̀, bí *traducir* tó di *traduj-*. Níbí, *-ieron* máa ń pàdánù *i* rẹ̀: *dijeron* ni, kì í ṣe *dijieron*.

Nítorí náà, ẹ má ka àtẹ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ẹ mú ẹnì kan ṣoṣo, ká ní “èmi”, kí ẹ fi la ẹgbẹ́ náà já: *tuve, estuve, pude, puse, supe*. Lẹ́yìn náà ẹ bọ́ sí “àwọn”. Àwọn tó ti ara wọn jáde ń bá wọn rìn láìbẹ̀bẹ̀: *mantener* di *mantuve*, *componer* di *compuse*.

Àmì kan wà tí ẹ lè fi mú àṣìṣe. Àwọn tó ń tẹ̀lé òfin máa ń ní àmì lórí fáwẹ̀lì ìparí, bí *hablé* àti *habló*, torí ibẹ̀ ni ohùn ti ń tẹ̀. Nínú àwọn ẹgbẹ́ wa yìí, ìdí ọ̀rọ̀ ni ohùn ń tẹ̀ ní *tuve* àti *tuvo*, kò sì sí àmì kankan. Bí ẹ bá kọ *tuvé*, ẹ ti da ilé méjì pọ̀. *Andar* ló ń tan èèyàn jù, torí ó jọ *hablar*: *anduve* ló tọ́, àmọ́ àwọn tó ni èdè náà pàápàá máa ń ṣèèṣì sọ *andé*.

Ìwọ̀nba díẹ̀ ló kọ ẹgbẹ́ lóòótọ́. *Ser* àti *ir* jọ ń lo *fui, fuiste, fue*. Ìyókù gbólóhùn ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀: *fui a Madrid* ni “mo lọ sí Madrid”, *fui maestro* sì ni “mo jẹ́ olùkọ́”. Ìwọ̀nyí ni kí ẹ há sórí.